Àtàǹpàkò Mẹ́rin Kì í Ṣe Ìpinnu

Ní ìpàdé ojúkorojú, alága ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ akọ̀wé láìmọ̀. Òun ló máa sọ pé "ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìyẹn", òun náà ló máa bèèrè pé "ṣé gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀?", akọ̀wé á kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti orí Slack àti WhatsApp, tí oníkálukú ń fèsì nígbà tó bá ráyè, kò sẹ́ni tó ń ṣí ìpàdé, kò sẹ́ni tó ń tì í. Ẹnì kan á dá àbá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹlòmíràn á fèsì lóru ọjọ́ Àìkú, ẹnì kẹta á fi àmì àtàǹpàkò sí i, á sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ fún akọ̀wé pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ mínìtì rẹ̀, báńkì ń bèèrè."

Èmi ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń kó ìwé kíkà lọ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó. A ti fi ọ́fíìsì Yaba sílẹ̀; ilé ni kálukú ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn márùn-ún ló ní ìbò: alága wa ní Sùúrùlérè, akápò ní Gbágádà, Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ tó ń mójú tó ẹrù ní Mushin, Alhaji tó ń bá àwọn oníbàárà wa sọ̀rọ̀ ní Agége, àti Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ń gbé. Àdéhùn wa ni pé ìnáwó ńlá kò lè kọjá láìjẹ́ pé ẹni mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún gbà á. Èmi kò ní ìbò. Dírẹ́bà wa náà kò ní, ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń wúlò ju tàwa tó kù lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti sítọ́ọ̀. Onílé ti Mushin fẹ́ fi owó lé owó, Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ sì ti rí òmíràn ní Ojota. Ó gbé àbá náà jáde lórí Slack ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá òwúrọ̀: ẹ jẹ́ ká gba ti Ojota ní ₦4,200,000 lọ́dún. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn kan fèsì nínú tírẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ àbá náà. Akápò lọ ṣí tírẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ owó. Dírẹ́bà, tí kì í ṣí Slack bí kò bá sí dátà, fi ohùn ránṣẹ́ sí orí WhatsApp láti inú gosiló ní Ojúẹlẹ́gba. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, àtàǹpàkò mẹ́rin ló wà lábẹ́ àbá náà. Alága ní kí n kọ ọ́ pé ẹni mẹ́rin gbà, ó parí.

Kò parí rárá. Ohun tí mo rí lábẹ́ àtàǹpàkò mẹ́rin yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ mínìtì tí a ń kó jọ láti orí fóònù ti ń di irọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Ẹ wò ó. Lórí Slack, èèyàn lè ṣí ọ̀rọ̀ tó ti kọ padà, kó sì yí i, bí ẹni tó ni ìkànnì náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ gbọ́ lẹ́nu éjéǹtì pé owó ìtọ́jú ọgbà kò sí nínú iye àkọ́kọ́. Kò kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun. Ó ṣí ti àná, ó pa ₦4,200,000 rẹ́, ó fi ₦4,750,000 sí i. Kò ní èrò búburú lọ́kàn; lójú tirẹ̀, ńṣe ló ń tún iye ṣe kó má bàa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àmọ́ àtàǹpàkò tí àwọn èèyàn ti fi síbẹ̀ kò kúrò. Ara àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni àmì máa ń lẹ̀ mọ́, kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í sí i. Ẹni tó gba mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ wá ń fara hàn bí ẹni tó gba mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé.

Ẹni tó bá ń wò ó lójú fóònù kò ní rí ju ọ̀rọ̀ kékeré `(edited)` lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kó ọ̀rọ̀ inú ìkànnì náà jáde, bó ṣe rí nínú fáìlì nìyí, mo kàn gé orúkọ kúrò:

```
"ts": "1743066840.104529",
"text": "... Ojota, ₦4,750,000 lọ́dún ...",
"edited": { "user": "U03", "ts": "1743172320.000000" },
"reactions": [
  { "name": "+1",
    "users": ["U01", "U05", "U02", "U09"],
    "count": 4 }
]
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ìgbà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìlà `edited` ni ìgbà tí wọ́n yí i gbẹ̀yìn. Iye ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ni nọ́ńbà gígùn yẹn; bí ẹ bá tẹ `TZ=Africa/Lagos date -d @1743172320` sórí kọ̀ǹpútà oní-Linux, á sọ fún yín pé ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta, aago mẹ́ta ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì ọ̀sán ni, aago Èkó. Ẹ wá wo ibi tí àtàǹpàkò wà. Orúkọ àwọn tó fi í sí i wà níbẹ̀, iye wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àkókò kankan. Fáìlì náà kò lè sọ fún yín bóyá ẹnì kan fi tirẹ̀ sí i ṣáájú àtúnṣe tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Iye àtijọ́ náà kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni tó ni ìkànnì bá ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kó máa tọ́jú gbogbo àtúnṣe. Tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí a mú àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan, kí a wá ẹ̀rí rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù ló rọrùn jù. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà, ó ti kọ ọ́ sínú tírẹ́ẹ̀dì pé "4.2 yẹn dáa, kò pọ̀ ju èyí tí mo rò lọ." Èsì yẹn ní àkókò tirẹ̀, ó sì ṣáájú àtúnṣe. Nítorí náà iye àtijọ́ ló gbà. Lórí iye tuntun, kò tíì sọ nǹkan kan. Ti alága kò ní ẹ̀rí kankan nínú fáìlì. Mo pè é, ó ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lòun fi tòun sí i, òun sì rí ₦4,750,000. Ohun tó sọ ni mo kọ, mo sì kọ ọ́ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Akápò fi àtàǹpàkò sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú tírẹ́ẹ̀dì owó ló ti kọ pé: "Mo gbà, bí wọ́n bá lè jẹ́ ká san án lẹ́ẹ̀mejì." Ẹni tó bá ka ibi kan láìka ìkejì á rò pé akápò gbà láìsí "bí". Àtàǹpàkò kẹrin, ti dírẹ́bà ni. Kò ní ìbò.

Ẹ wá kà á. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ tó dá àbá, àti alága: ẹni méjì péré ló dúró gbọin-in lórí iye tó wà nílẹ̀. Alhaji kò tíì fọhùn rárá. A nílò ẹni mẹ́ta. Àtàǹpàkò mẹ́rin ti di ìbò méjì.

Ọ̀rọ̀ Alhaji yìí náà ní ìtàn. Ní ọjọ́ Ẹtì, alága ti kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá sọ nǹkan kan títí di ìparí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé, a ó kà á sí pé ó gbà. Irú gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé lò bí gbogbo èèyàn bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe. Àwa kò fọwọ́ sí irú rẹ̀ rí. Èyí tó tún burú ni pé ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Kẹta, ni Ìtúnu Ààwẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fi ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe hólídè. Kò sí "ìparí iṣẹ́" kankan ní ọjọ́ Ajé yẹn. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ sínú mínìtì pé Alhaji gbà nítorí pé ó dákẹ́, ń sọ pé jíjẹ àti mímu ọdún ló fi dìbò. Mo fi èyí tó alága létí, òun fúnra rẹ̀ ló sún gbèdéke náà sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Mínìtì gbé gbèdéke méjèèjì, ó sì gbé ìdí tí a fi sún un.

Níbi ọ̀rọ̀ àkókò, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Slack máa ń fi aago ibi tí kálukú wà han olúkúlùkù. Ṣáájú ọjọ́ 30 oṣù Kẹta yẹn, wákàtí kan ni Èkó fi ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú náà gan-an ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì sún aago wọn síwájú, tí aago wa àti tiwọn wá di ọgbọọgba, nítorí pé àwa kì í sún tiwa. Nítorí náà, nínú ìjíròrò kan ṣoṣo, sikirinṣọ́ọ̀tì Àǹtí fi wákàtí kan yàtọ̀ sí tèmi ní Ọjọ́bọ̀, ó sì bá tèmi mu ní ọjọ́ Ajé. Bí mo bá fi sikirinṣọ́ọ̀tì tò ó, èsì kan lè fò ṣíwájú ìbéèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi àwòrán ojú fóònù to ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà `ts` ni mo ń lò, mo sì ń kọ "aago Èkó" sí orí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, kó má sí àríyànjiyàn.

WhatsApp ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹ bá kó ìjíròrò jáde níbẹ̀, fáìlì tẹ́ẹ̀sì tó máa jáde kò ní gbé àmì àtàǹpàkò rárá, kò sì ní fi hàn yín ọ̀rọ̀ wo ni ẹnì kan ń fèsì sí. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ bèèrè pé ṣé kí òun bá éjéǹtì sọ ọ́ pé kí a san án lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dírẹ́bà bèèrè pé ṣé kí òun gbé lọ́rì lọ wo géètì. Akápò dáhùn pé: "Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀." Nínú fáìlì, abẹ́ ìbéèrè dírẹ́bà ni ìdáhùn náà wà. Nígbà tí mo ṣí fóònù, ti Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ ni akápò fà yọ láti dá a lóhùn. Ká ní fáìlì nìkan ni mo tẹ̀ lé ni, màá ti kọ ọ́ pé akápò ní kí wọ́n gbé lọ́rì jáde lọ́jọ́ ọdún. Fáìlì wà fún àkókò àti ọ̀rọ̀ gan-an. Ojú fóònù wà fún ta ló ń dá ta lóhùn. Ìkan kò lè ṣe iṣẹ́ ìkejì.

Ní ti ohùn dírẹ́bà, ohun tó wà nínú fáìlì kò ju `PTT-20250329-WA0007.opus` lọ. Mo gbọ́ ọ, mo yọ ariwo kọ̀ńdọ́ àti èébú tó bu ọlọ́kadà kan kúrò, mo kọ kókó rẹ̀: géètì Ojota yẹn tóóró, lọ́rì wa lè wọlé ṣùgbọ́n kò dájú pé ó lè yí po nínú ọgbà. Mo ka ohun tí mo kọ sí i létí lórí fóònù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí n fi kún un pé òun kò tíì wọn géètì náà. Mo fi kún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí akọ̀wé sọ di ọ̀rọ̀ ìwé gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó sọ ọ́ kó tó wọlé.

Ó wá ku kí a pinnu. Ohun tí mo sọ fún alága ni pé a kò lè rán ìpinnu láti inú àwọn èsì tó wà nílẹ̀. Ká tún ìbéèrè bi lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní yí mọ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, alága kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun, ó dárúkọ àwọn márààrún nínú rẹ̀: "Ṣé a gbà láti gba sítọ́ọ̀ Ojota fún ọdún kan ní ₦4,750,000, tí owó ìtọ́jú ọgbà wà nínú rẹ̀, kí a san ìdajì nígbà tí a bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí a san ìdajì tó kù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ẹ fi ọ̀rọ̀ dáhùn, ẹ má fi àmì dáhùn. Bí ohunkóhun bá yí padà, àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun ni a ó kọ." Éjéǹtì ti gbà sí ìsanwó ẹ̀ẹ̀mejì náà ní àná rẹ̀.

Èsì wọlé kí aago mẹ́fà tó lù. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀, alága àti akápò kọ ọ́ pé àwọn gbà. Àǹtí kọ ọ́ pé òun gbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà ti lé, ó sì ní kí a kọ "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" òun sílẹ̀. Alhaji ní òun kò dé ibẹ̀ rí, òun kò ní dìbò.

Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ ọ́, n kò kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé. Mo kọ́kọ́ to gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ní ìtòtẹ̀lé àkókò sórí tábìlì kan, kí n lè rí ohun tó bí ohun; lẹ́yìn náà ni mo tún un tò ní ìtòtẹ̀lé kókó, nítorí pé ẹni tó máa ka mínìtì lọ́dún tó ń bọ̀ kò fẹ́ mọ ibi tí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀, ohun tí a sọ nípa owó, nípa géètì, nípa àdéhùn ló ń wá. Ẹ kú ọdún, ẹ kú iyèdún àti ẹ̀fẹ̀ nípa ẹran ilé Alhaji kò bá wọn wọlé. Àtàǹpàkò mẹ́rin náà wọlé, nínú gbólóhùn kan. Bí apá tó ṣe kókó nínú rẹ̀ ṣe rí nìyí:

"Ìjíròrò yìí wáyé lórí Slack àti WhatsApp láti aago 10:14 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ 27 oṣù Kẹta sí aago 6:00 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú 2 oṣù Kẹrin ọdún 2025, aago Èkó. Àwọn márààrún tó ní ìbò ló kópa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kíkọ. Dírẹ́bà kópa, kò ní ìbò.

"Iye tó wà nínú àbá àkọ́kọ́ ni ₦4,200,000. Ẹni tó dá àbá náà yí i sí ₦4,750,000 ní aago 3:32 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. A kò ka àwọn àmì tó wà lábẹ́ àbá náà sí ìbò. A tún ìbéèrè bi ní Ọjọ́rú.

"Ìpinnu: A gbà á ní ₦4,750,000, kí a san ₦2,375,000 nígbà ìfọwọ́sí, ₦2,375,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni mẹ́rin gbà, ẹnì kan kò dìbò. Ẹnì kan nínú àwọn tó gbà ní kí a kọ ọ́ pé owó náà lé ju iye tí òun kọ́kọ́ gbà lọ.

"Iṣẹ́: Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ àti dírẹ́bà yóò wọn géètì pẹ̀lú lọ́rì kí akápò tó san owó àkọ́kọ́."

Nínú ìwé gidi, orúkọ wọn ni mo kọ, kì í ṣe ìnagijẹ.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, mo fún wọn ní ọjọ́ méjì láti tún un ṣe. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ pè mí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí mi. Ó ní kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ pé òun yí iye, ṣé mo fẹ́ kó dà bíi pé òun ń ṣe màkàrúrù ni? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sí ìbáwí kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, kò sí ẹni tó máa mọ ìdí tí a fi dìbò lẹ́ẹ̀mejì." A wá fẹnu kò pé kí n fi gbólóhùn kan kún un: "nítorí pé éjéǹtì sọ fún un pé owó ìtọ́jú ọgbà kò sí nínú iye àkọ́kọ́." Òótọ́ ni, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ohun méjì ló kù kí n tó fi í sílẹ̀. Àkọ́kọ́, n kò fi líǹkì nìkan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Slack ọ̀fẹ́ la ń lò, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti lé ní 90 ọjọ́ kò ní hàn sí wa mọ́, èyí tó bá sì ti lé ní ọdún kan, wọn a máa pa á rẹ́. Nítorí náà mo da ìbéèrè Ọjọ́rú àti èsì márààrún kọ lódindi sí ẹ̀yìn ìwé náà, pẹ̀lú àkókò wọn. Ìkejì, mo sọ fún alága pé mínìtì yìí tó fún ìpinnu ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020, ìpinnu tí a kọ sínú ìwé láìpàdé ní láti ní ìfọwọ́sí gbogbo àwọn olùdarí tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpè ìpàdé, èyí tí ẹni mẹ́rin gbà tí ẹnì kan kò dìbò kò tó fún. Nínú àwọn márùn-ún wa, olùdarí ni alága àti akápò nìkan. Mo tẹ ojú ìwé kan sí i, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i ní ilé akápò ní Gbágádà, ìyẹn ni báńkì gbà. Dírẹ́bà wọn géètì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́rì wọlé, ó sì yí po, àmọ́ wọ́n ní láti gbé jẹnẹrétọ̀ onílé kúrò lójú ọ̀nà ná.